Bí Kò Bá Lé Nǹkan, Nǹkan Ń Lé E

“Ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.” Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí àlejò bá yọjú láìròtẹ́lẹ̀, apá kan òwe yìí la máa ń rántí. Kí ló ń lé? Ṣé owó ni, àbí ó fẹ́ ká bá òun dá sí ọ̀ràn kan? Kó tó jókòó tán, a ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tó gbé wá lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ apá kejì òwe náà ló bá ẹlòmíràn mu. Kò lé nǹkan kan o. Ilé tó dákẹ́ ló ń lé e.

Ẹ wo bàbá kan tó máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan lọ́nà Tákìé nírọ̀lẹ́. Tàmalé ní Gánà ni wọ́n dàgbà sí, nítorí àwọn òbí wọn wà lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ ṣòwò níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n bá àwọn òbí wọn kó wálé. Àwọn tí wọ́n jọ ṣeré ní Tàmalé ti kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wà l’Ékòó, wọ́n ń fowó ránṣẹ́, oúnjẹ kò wọ́n wọn. Ẹni tí wọ́n á dárúkọ ọjà Tàmalé fún tí yóò mọ ibi tí wọ́n ń wí ni kò sí mọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aránṣọ béèrè pé, “Bàbá, ṣé kò sí o?” Wọ́n ní, “Kò sí o, mo ní kí n yà kí yín ni.” Ó yẹ kí ìbéèrè parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ní, “Àbí àwọn ọmọ ò tíì fowó ránṣẹ́ ni?” Ó sì ti ń fa dúrọ́ọ̀. Ojú bàbá yí padà. “Owó kẹ̀? Mo jẹun yó kí n tó jáde nílé o.” Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Oore ló rò pé òun ń ṣe, àmọ́ ó ti sọ ẹni tó wá báni ṣeré di alágbe.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ béèrè. Lẹ́yìn náà, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ máa ń jókòó sétí àga, á máa wo àwọn oníbàárà títí wọ́n á fi lọ tán. Ẹni tó wá ẹni bá sọ̀rọ̀ kò ka èrò sí. Inú rẹ̀ tún ń dùn bí ẹlòmíràn bá wọlé. Á ní òun ń lọ, á tún jókòó. Á tún ìtàn àná sọ. Ẹ má sọ pé “Ẹ ti sọ ìyẹn”. Ẹ bi í ní apá ibi tí kò tíì sọ.

Nígbà tí bàbá tún wá, aránṣọ ti gbọ́n. Ó gbé agolo bọ́tìnnì síwájú wọn: “Bàbá, ẹ bá mi ṣa àwọn funfun sọ́tọ̀.” Bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa tẹjú mọ́ ẹnì kejì, bí ọ̀rọ̀ bá sì sinmi díẹ̀, kì í ni ẹnikẹ́ni lára. Ó ní, “Kí lẹ ń tà ní Tàmalé gan-an?” Aṣọ ni ìyá wọn ń tà. Ibẹ̀ ni ìtàn ti gbéra. Òun náà ráhùn nípa aṣọ ẹbí tó rán tí ẹni tó ni ín kò wá gbà. Bàbá rẹ́rìn-ín: “Irú wọn kún Tàmalé.” Bí ẹ kò bá sọ tiyín, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹ lọ bẹ aláìsàn wò.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ tètè sọ ọ́: “Ẹ jókòó o, àmọ́ wọ́n ń bọ̀ wá gba bùbá yìí kí ilẹ̀ tó ṣú.” Ìyẹn kì í bí àgbà nínú. Ojú tí ń wo aago láìsọ̀rọ̀ ló ń bí wọn nínú. Nígbà tí bàbá fẹ́ máa lọ, aránṣọ kò tún béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ó sìn wọ́n dé títì, ó ní, “Lọ́jọ́ Jímọ̀, aṣọ gígé ni mo máa ṣe, ẹ yà o.” Ojú máa ń ti àgbà láti wá láìnídìí, ọjọ́ tí ẹ dá yẹn ti di ìdí fún wọn.

Àmọ́ bí ó bá ń sọ pé oúnjẹ kò lọ, pé òun kì í sùn, tàbí pé ayé sú òun, nǹkan mìíràn ló ń lé e nìyẹn. Ẹ béèrè láìfi bò, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ pe àwọn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Bí kò bá sí èyí, ẹ ṣì lè pe ọmọ tó wà l’Ékòó: “Ẹ ṣeun tí ẹ ń fowó ránṣẹ́. Ẹ máa pe bàbá lórí fóònù, kí ẹ bi wọ́n léèrè Tàmalé.”