Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Bí agbẹjọ́rò ìjọba bá dín ẹ̀sùn kù báyìí, ariwo tí ẹ ó gbọ́ ni pé, "Wọ́n ti fún un lówó jẹ!" Ó ti sú mi. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìfura ni itọ́. Ìbéèrè agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ni ìrì.

Ẹ gbọ́ ná. Obìnrin kan ní ọkùnrin kan yọ ọ̀bẹ sí òun, ó sì já báàgì òun gbà. Kò pé wákàtí kan tí ọlọ́pàá fi mú ọkùnrin náà, fóònù obìnrin yìí sì wà lápò rẹ̀. Ẹjọ́ ti parí, àbí? Agbẹjọ́rò ìjọba tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tú ẹ̀sùn ìdigunjalè náà palẹ̀: ṣé ó mú ohun olóhun, ṣé ó jí i ni, ṣé ohun ìjà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á wá ẹ̀rí tí adájọ́ lè gbà. Fóònù yẹn gbè é lórí méjì àkọ́kọ́, torí àkókò kéré jù kí ọkùnrin náà tó lè ní òun rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀bẹ ńkọ́? Wọn ò rí i. Nínú ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà kọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ọ̀bẹ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló tó dárúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìpayà ló jẹ́ kó gbàgbé, èmi gan-an gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé méjèèjì ni agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ máa nà sí i lójú ní kóòtù. Ìyẹn ni ẹ̀sùn fi di olè jíjà.

Ká ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọ́n rí fóònù náà, tó jẹ́ pé ojú tí obìnrin náà rí fìrí ní ìrọ̀lẹ́ ló kù, jíjá ẹjọ́ náà sílẹ̀ ló tọ́.

Àwọn kan á ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀?" Òwe tó ń ti aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n nìyẹn! Ó sì tún ń tú ọ̀daràn sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀sùn tí wọ́n fà sẹ́yìn kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lè padà wá bí ẹ̀rí tuntun bá yọ. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá ti dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó tán nìyẹn, wọn ìbáà rí ọ̀bẹ lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti àwọn agbẹjọ́rò ìjọba pé kí wọ́n sáré lọ sí kóòtù, ẹ̀yin lẹ ń ra òmìnira fún ọ̀daràn.

Ẹ̀yin ọlọ́pàá náà, ẹ má fojú bo ara yín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta ló bi obìnrin náà pé, "Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?"