Ìlà tó wà lórí sáfà mẹ́ta nínú márùn-ún ṣì lè parẹ́

Raft ni ọ̀nà tí àwọn sáfà fi ń yan olórí kan fún sáà kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn lè ní ìwé àkọsílẹ̀ kan náà, ìlà lórí ìlà. Àwọn kan máa ń sọ pé: "Nínú Raft, bí ìlà kan bá ti wà lórí sáfà tó ju ìdajì lọ, ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn, kò lè parẹ́ mọ́."

Ìlà tí olórí kọ ní sáà tirẹ̀ nìkan lèyí bá mu. Èyí tó ṣẹ́kù láti sáà àtẹ̀yìnwá ṣì lè lọ.

Ẹ wo sáfà márùn-ún. S1 di olórí ní sáà 2, ó kọ ìlà kan, S2 nìkan ló rí i gbà kí S1 tó kú. S3 àti S4 dìbò fún S5 ní sáà 3. Ó kọ ìlà mìíràn sí ojú ibi kan náà lọ́dọ̀ ara rẹ̀, òun náà kú. S1 jí, ó wọlé ní sáà 4, ó fi ìlà sáà 2 ránṣẹ́ sí S3. Ó di mẹ́ta nínú márùn-ún. Bí S1 bá tún kú báyìí ńkọ́? S5 á jí, á bèèrè ìbò sáà 5. Olùdìbò kọ́kọ́ ń wo sáà tí wọ́n kọ ìlà tó gbẹ̀yìn. Àfi tí ìyẹn bá dọ́gba ni gígùn ìwé tó kàn án. 3 ju 2 lọ, nítorí náà S2, S3 àti S4 lè dìbò fún un, á sì fi ìlà tirẹ̀ rọ́pò tiwọn.

Ìdí nìyí tí olórí kì í fi ka iye ẹ̀dà ìlà àtijọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Iye ẹ̀dà ìlà tirẹ̀ ló ń kà: bí ìlà sáà 4 bá dé orí mẹ́ta, gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, S5 kò sì lè rí ìbò tó mọ́. Nínú etcd, ibi ìpamọ́ dátà tó ń lo Raft, olórí tuntun máa ń kọ ìlà òfìfo kan gbàrà tó bá wọlé, kó má baà dúró de oníbàárà tó máa mú ìlà tuntun wá.