Kíka ìwé fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀

Àṣẹ kan wà tí wọ́n ń fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilẹ̀ lórí fóònù: "Ẹ ka ọ̀rọ̀ títà fún gbogbo oníbàárà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má yà kúrò nínú rẹ̀."

Iye owó, irú ìwé tí ilẹ̀ ní àti àdéhùn ìsanwó nìkan ló yẹ kí ẹ kà bẹ́ẹ̀, torí pé àṣìsọ níbẹ̀ lè di ẹjọ́.

Ìlànà ni ìyókù ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nílò: ẹ béèrè ohun tí oníbàárà fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe, kí ẹ gbọ́ ọ tán.

Ká ní ẹnìkan béèrè nípa ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ pé, "Ṣé gásẹ́ẹ̀tì abúlé náà ti jáde?" Bí ẹ bá ń ka "ilẹ̀ wa kò jìnnà sí títì" lọ, á gbà pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́. Bí gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi kéde pé òun fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún abúlé, kò bá tíì jáde, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti jáde, ẹ fún un ní nọ́ńbà rẹ̀ àti ẹ̀dà sọ́fè, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Aláùsá.

Ẹ tún ìpè tí ẹ gbà sílẹ̀ gbọ́: lẹ́yìn ìbéèrè oníbàárà, ṣé ìdáhùn ló tẹ̀lé e, àbí ìlà tó kàn nínú ìwé?