Ojú ìwé tí a máa ń fò nínú ìjábọ̀ SOC 1

Èrò ọkàn mi nìyí, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ò tilẹ̀ gbà. Bí ilé-iṣẹ́ tí à ń yẹ ìwé owó rẹ̀ wò bá gbé ìṣirò owó oṣù fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n á fún wa ní ìjábọ̀ SOC 1, ìyẹn ìjábọ̀ tí olùyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ yẹn kọ lórí ìṣàkóso tí wọ́n fi ń dènà àṣìṣe àti jìbìtì nínú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ibi tí olùyẹ̀wò náà ti sọ èrò rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣí. Ibi tí wọ́n kọ ohun tí oníbàárà, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí à ń yẹ̀ wò, gbọ́dọ̀ máa ṣe fúnra rẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń wò ó bóyá Irú 2 ni, èyí tó dán ìṣàkóso wò jálẹ̀ àkókò kan, àbí Irú 1, tó kàn wo bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. A ó wò ó bóyá èrò olùyẹ̀wò náà mọ́, a ó sì fi ìwé pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ìjábọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwọn àfojúsùn kan ò lè di mímúṣẹ àfi bí oníbàárà bá ṣe ipa tirẹ̀. ISA 402, ìlànà àgbáyé tí àwa olùyẹ̀wò ń tẹ̀ lé lórí irú iṣẹ́ yìí, ò sì fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́-inú: bí ipa oníbàárà yẹn bá kan iṣẹ́ wa, a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí a bá sì fẹ́ gbára lé e, a gbọ́dọ̀ dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kan tó ní òṣìṣẹ́ 300. Ìjábọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣírò owó oṣù wọn sọ pé kò sí àyípadà tó ń wọlé láìjẹ́ pé ẹni tí oníbàárà fún láṣẹ ló fi í ránṣẹ́. Olùyẹ̀wò wọn mú àyípadà 25, gbogbo wọn ló wá láti ọwọ́ ẹni tó ní àṣẹ. Kò sí àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní àṣẹ? Ẹnikẹ́ni tí orúkọ ìwọlé rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ni. Akọ̀wé tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta, tí ẹnikẹ́ni ò pa orúkọ ìwọlé rẹ̀ rẹ́, ṣì jẹ́ ẹni tó ní àṣẹ lójú wọn ní oṣù kẹfà. Bí ẹnìkan bá fi orúkọ rẹ̀ wọlé, tó yí nọ́ńbà àkáǹtì òṣìṣẹ́ méjì padà, ìjábọ̀ náà ṣì tọ̀nà, owó sì ti lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń ní kí wọ́n fa àkójọ àwọn tó lè wọlé sórí ètò owó oṣù náà jáde lójú mi, kí n fi wé àkójọ àwọn tó kúrò níṣẹ́ lọ́dún náà. Mo máa ń wò ó bóyá ẹni tó ń tẹ orúkọ òṣìṣẹ́ tuntun náà ló tún ń fọwọ́ sí i. Èyí tó gba àkókò jù ni àyẹ̀wò tí ọ̀gá ń ṣe kí owó tó jáde. Ìbuwọ́lùwé nìkan ò tó mi. Kí ló fi wé kí? Ìyàtọ̀ wo ló rí láàárín oṣù yìí àti èyí tó kọjá, ta ló sì tọpa rẹ̀? Bí kò bá sí ìdáhùn, n kò lè sọ pé àyẹ̀wò wáyé.

Bí mo bá rí orúkọ ìwọlé bíi ti akọ̀wé yẹn, màá wo gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe láti ọjọ́ tó ti kúrò. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ á pọ̀ sí i: fífi orúkọ inú owó oṣù wé fáìlì àwọn òṣìṣẹ́, àti wíwá àkáǹtì kan tí owó ènìyàn méjì ń wọ̀.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń rin kinkin mọ́ ọn. Ìjábọ̀ lè parí ní 30 oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọdún oníbàárà parí ní 31 oṣù kejìlá. Lẹ́tà tí wọ́n máa ń fi dí oṣù mẹ́ta àárín kì í ṣe iṣẹ́ olùyẹ̀wò kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn alákòóso ilé-iṣẹ́ tó ń ṣírò owó oṣù ni. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ọ̀gá kí owó tó jáde ń wáyé nínú oṣù mẹ́ta yẹn pẹ̀lú, ọwọ́ wa sì tó o.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ni pé ká béèrè ìjábọ̀ náà nígbà tí a bá ń ṣètò iṣẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Ní oṣù kẹfà, oníbàárà ṣì lè pa orúkọ ìwọlé rẹ́, kó sì ya ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, kò sí ohun tó kù fún un láti tún ṣe lórí ọdún tí a ń yẹ̀ wò.