1¾ lọ́nà 1½ kì í ṣe 1⅜: ẹ bi fúláwà léèrè

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé tí a bá ń sọ nǹkan di ìlọ́po, odidi ni kí a fi pàdé odidi, kí ìdá náà lọ pàdé ìdá. Nítorí náà, 1¾ lọ́nà 1½: ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan, ¾ lọ́nà ½ jẹ́ ⅜, ìdáhùn sì di 1⅜. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti ń dáná fún ogún ọdún. Irọ́ ni, ó sì ń ba oúnjẹ jẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àbúrò mi obìnrin fẹ́ dín pọ́fù-pọ́fù. Ìwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni fúláwà ife 1¾, omi ife kan, ṣúgà ìdámẹ́rin ife, yíìsì ṣíbí tíì kan àti iyọ̀ díẹ̀. Àlejò pọ̀, ó ní kí òun sọ ọ́ di ìlọ́po kan ààbọ̀. Omi rọrùn: ife kan di ife kan ààbọ̀. Nígbà tó kan fúláwà, ó kọ 1⅜ sórí ìwé, ó sì wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń pò ó ló ti ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ó ní yíìsì máa mú un ki. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ó hó lójú lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó fọwọ́ bù ú, ó ń jò gba àárín ìka. Pọ́fù-pọ́fù tó dáa máa ń fà, á wá já bọ́ ní ìṣù kan. Èyí tó kọ́kọ́ dá sínú òróró tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ ya, ó sì mu òróró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, omi yìí ti pọ̀ jù."

Mo ní omi ò pọ̀ jù, fúláwà ni ò pé. Mo ní kó wo ìwé rẹ̀ dáadáa. Ife 1¾ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ó ní òun fẹ́ kó pọ̀ sí i, ó sì parí sí 1⅜, tó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ohunkóhun tí a bá sọ di ìlọ́po kan ààbọ̀ gbọ́dọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, kó má sì tó ìlọ́po méjì. Ìdáhùn tòótọ́ kò lè kéré sí 1¾, kò sì lè tó 3½. Èyí nìkan tó láti mọ̀ pé àṣìṣe ti wọlé, kí a tó fọwọ́ kan fúláwà rárá.

Níbo wá ni ìyókù lọ? Odidi inú 1¾ ní láti bá odidi àti ìdajì inú 1½ pàdé, ìdá ¾ náà sì ní láti bá àwọn méjèèjì pàdé. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin: 1, ½, ¾ àti ⅜. Ẹ kó wọn jọ, ife 2⅝ ni. Ẹni tó bá ṣe bíi ti àbúrò mi mú 1 àti ⅜, ó sì fi ½ àti ¾ sílẹ̀. Ife 1¼ ló sọnù lójú ìwé yẹn.

Mo mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Nínú ìròpọ̀ ó tọ́: ẹ lè ro odidi pọ̀ mọ́ odidi, kí ẹ ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá, kò sí ohun tó máa sọnù. Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára, ni a fi ń gbé e wọnú ìlọ́po.

Nídìí ààrò, èmi kì í lo bírò fún un. Kan ààbọ̀ túmọ̀ sí nǹkan náà pẹ̀lú ìdajì rẹ̀. Ìdajì ife kan ni ½, ìdajì ¾ ni ⅜, àpapọ̀ wọn jẹ́ ⅞. Ẹ fi ⅞ kún 1¾, ó di 2⅝. Tó bá jẹ́ orí ìwé, ẹ sọ 1¾ di 7/4, kí ẹ sọ 1½ di 3/2: 7 lọ́nà 3 lókè jẹ́ 21, 4 lọ́nà 2 nísàlẹ̀ jẹ́ 8. 21/8 sì ni 2⅝ náà.

Kò sí ife ìwọ̀n tí wọ́n kọ ⅝ sí lára nínú tèmi. Ẹ wọn ife méjì, ẹ fi ìdajì ife kún un, kí ẹ wá fi ṣíbí ńlá ìwọ̀n méjì tẹ́jú sí i, torí ṣíbí ńlá mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ife kan, méjì sì ni ⅛ rẹ̀. Kìkì pé ìṣẹ́jú tí pọ́fù-pọ́fù kọ̀ọ̀kan ń lò nínú òróró kì í yí padà; ẹ má sọ ìyẹn di ìlọ́po.

Ọ̀kan ṣoṣo ni àbúrò mi ti dín nígbà tí mo dá a dúró. A wọn ife 1¼ tó sọnù yẹn, a kù ú sínú abọ́ náà, a lù ú títí kóró fi tán, a sì bò ó fún ìdajì wákàtí sí i. Nígbà tó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó fà, ó já bọ́ sínú òróró, ó sì yí ara rẹ̀ padà ní róbótó.