Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́: Ìkíni Kan Kí A Tó Gbé Ẹjọ́ Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní, "Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko." Ẹni tó fẹnu ro ẹ̀fọ́ kò já ewé, kò gé àlùbọ́sà, iná kò sì rà á lára. Ẹni tó na ọwọ́ lásán bí àdá sí igbó, bó ti wù kó jù ú tó, igbó náà wà níbẹ̀ digbí. Ẹni tó ń sọ ohun tí kò lè ṣe ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Èmi máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń kí báńkì lórí fóònù.

Iṣẹ́ POS ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í gbé fóònù wá bá mi pé wọ́n ti yọ owó òun, ẹni tí òun sì fẹ́ san án fún kò rí nǹkan kan gbà. Ẹ̀bẹ̀ wọn ni pé kí n bá àwọn kọ̀wé sí báńkì lórí Wọ́sáàpù. Tí mo bá fi fóònù náà sọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn, "Ẹ káàárọ̀" ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ. Wọn kò ní fi nǹkan kan kún un. Wọ́n á wá máa wo ojú fóònù.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kán wọn lójú. Màá ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò. Ìyá oníyán tó wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi ló dá mi lẹ́kun rẹ̀.

Ọjọ́ Túsìdeé kan ni. Màmá ra iṣu lọ́jà, ó sì fi káàdì san ₦18,500 lórí ẹ̀rọ oníṣu. Ẹ̀rọ náà ronú títí, ó wá tẹ ìwé jáde pé DECLINED. Oníṣu ní òun kò rí owó. Màmá san owó mìíràn lọ́wọ́, ó di iṣu rẹ̀. Kó tó dé ìsọ̀ rẹ̀, báńkì ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé ₦18,500 ti jáde. Ó wá bá mi, ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ìwé pélébé náà jáde, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rún. Mo ṣí nọ́ńbà Wọ́sáàpù báńkì rẹ̀ fún un. Ó tẹ "Ẹ káàárọ̀ o", ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó káwọ́ gbera.

Mo ní, "Màmá, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn."

Ó wò mí. "Ọmọ mi, ṣé ògiri ni kí n máa ro ẹjọ́ fún? Mo kágò ni, kí n mọ̀ bóyá ẹnìkan ń bẹ ní ulé."

Ulé ni a ń pe ilé níbí, àgò sì ni ẹnikẹ́ni ń kí kó tó wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ẹni tí owó rẹ̀ ti sọnù kò fẹ́ kí ìtàn rẹ̀ náà sọnù lé e. Ìtàn yẹn gùn, ó sì ní ìtìjú díẹ̀ nínú, nítorí ó dà bí ẹni pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá sọ ọ́ fún nọ́ńbà tó ti kú, yóò tún un sọ fún òmíràn, yóò sì tún un sọ fún òṣìṣẹ́ báńkì tó bá lọ tò. Ìkíni kan kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni tó dáhùn bá sì sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó lè padà lẹ́yìn láìtíì tú àṣírí kankan.

Ohun tí ìkíni ń dán wò nìyẹn, ìyẹn ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ náà ni òwe mi ti wọlé, nítorí ìkíni àti ìdáhùn rẹ̀, ẹnu ni méjèèjì.

Ìdáhùn dé kí Màmá tó mí lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ ni, pẹ̀lú nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kó tẹ 1 fún èyí, kó tẹ 2 fún tọ̀hún. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ẹ̀rọ nìyí." Òótọ́ ni. Kódà ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń lo Wọ́sáàpù ti oníṣòwò lè kọ ìkíni kan sílẹ̀ kó máa lọ fúnra rẹ̀. Yóò lọ fún ẹni tó bá kọ̀wé síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, tàbí ẹni tí òun àti ṣọ́ọ̀bù náà kò bá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 14. Onítọ̀hún lè wà lójú oorun, ìkíni rẹ̀ á ṣì máa rìn. Nítorí náà, bí ìdáhùn bá dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, tó gùn, tí kò sì ní àṣìṣe, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe onílé. Ẹ̀rí rẹ̀ kò ju pé nọ́ńbà náà ń ṣiṣẹ́ lọ.

Nígbà tí a ń wá bí a ó ṣe dé ọ̀dọ̀ ènìyàn níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá pè láti Èkó. Ó ti gbọ́. Ó fi nọ́ńbà mìíràn ránṣẹ́, ó ní ọ̀rẹ́ òun ló fún òun, pé àwọn yẹn yá ju báńkì gan-an lọ. Màmá tún kọ "Ẹ káàárọ̀ o" sí i. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí ẹnìkan fi dáhùn: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ṣé àlàáfíà ni àwọn ọmọ wà?" Orúkọ báńkì àti àwòrán rẹ̀ wà lókè. Màmá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ rí i, ènìyàn nìyí."

Ènìyàn ni lóòótọ́. Ẹ̀rù bà mí.

Mo bẹ Màmá pé kó má tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: "Ẹ jọ̀ọ́, bí owó POS bá há, kí lẹ máa ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà kí ẹ tó lè wá a?" Ó kọ ọ́. Ìdáhùn ni pé kó ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn káàdì rẹ̀, kó fi ránṣẹ́, kó sì máa retí nọ́ńbà kan tí yóò wọlé sórí fóònù rẹ̀, kó kà á fún àwọn.

Olè ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí ibẹ̀ ni ìkíni ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Màmá fi káàdì sínú ẹ̀rọ oníṣu, iṣẹ́ kan gbéra láti ẹ̀rọ náà lọ sí báńkì tó ni ẹ̀rọ, láti ibẹ̀ lọ sí báńkì tó fún Màmá ní káàdì. Báńkì rẹ̀ yọ owó, ó ní ó ti ṣe. Ìdáhùn yẹn ló sọnù lọ́nà, bóyá nẹ́tíwọ̀kì já. Ẹ̀rọ dúró dúró, kò gbọ́ nǹkan kan, ó tẹ DECLINED. Owó náà há sáàrin báńkì méjì, kò sì sí lọ́wọ́ oníṣu. Ohun tí wọ́n fi ń tọpa rẹ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ RRN sí lórí ìwé pélébé náà, ẹyọ 12 ni. Bí wọ́n bá rí RRN, ọjọ́, àkókò, iye owó àti nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn lára káàdì, ó tó wọn. Inú àkáǹtì tí owó ti jáde náà ló ń padà sí.

Nọ́ńbà 3 tó wà lẹ́yìn káàdì kò bá a tan rárá. Píìnì kò bá a tan. OTP, ìyẹn nọ́ńbà tó ń wọlé sórí fóònù, kò bá a tan. Owó tó fẹ́ jáde ló ń béèrè àwọn wọ̀nyẹn, kì í ṣe owó tó ń bọ̀ wálé. Ẹni tó bá ní iwájú àti ẹ̀yìn káàdì yín, tí ẹ tún ka OTP fún, ó lè fi owó yín rajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìkíni ni olè fi mú wa ní Èkìtì. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá kí wa dáadáa ti wọ inú ilé wa dé ìdajì. Báńkì tòótọ́ kí Màmá bí igi gbígbẹ, gbájúẹ̀ bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìkíni nìkan la fi ṣe ìdánwò, gbájúẹ̀ ni ì bá gba ipò kìn-ín-ní.

Nítorí náà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó má kí. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n má ṣe dá ìkíni nìkan rán. Ìdí kan tún wà fún èyí. Bí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ènìyàn, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló wà níwájú rẹ̀, "Ẹ káàárọ̀" lásán kò sì fún un ní iṣẹ́ kankan. Á kí yín padà, á bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì dákẹ́ pẹ́, ọ̀pọ̀ irú ojú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ a máa pa ara rẹ̀ dé, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí 1.

Mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ mú nọ́ńbà láti ẹ̀yìn káàdì wọn tàbí láti ẹnu òṣìṣẹ́ inú báńkì, kì í ṣe láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹnìkan. Kí wọ́n wá so ìkíni pọ̀ mọ́ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, láìtú inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìbéèrè tí Màmá bi gbájúẹ̀ náà ti í. Ohun tí wọ́n bá béèrè ni yóò sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

A padà sọ́dọ̀ báńkì tó kí wa bí igi. Màmá tẹ nọ́ńbà tó yẹ, ó ṣe bí ogún ìṣẹ́jú kí ènìyàn tó dé. Onítọ̀hún kò bi í nípa ọmọ kankan. Ó béèrè RRN, ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà 4 ìparí káàdì, ó sì fún un ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pélébé náà, mo kọ aago 10:40 sí i lára, nítorí láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí irú ẹjọ́ POS bẹ́ẹ̀ má ju wákàtí 72 lọ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ bá báńkì yín pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí Báńkì Àpapọ̀ ní `cpd@cbn.gov.ng`. Láìsí nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ kò ní ohun tí ẹ ó fi hàn pé ẹ ti sọ ọ́ rí.

Owó Màmá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeé. Ó ń gún iyán lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún, kò gbé e títí ó fi gún odó náà tán. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́, ó wò ó, ó ké sí mi láti òdìkejì títì pé kí n wá gbé abọ́ mi.