Irọ́ ni pé obìnrin ayé àtijọ́ kò mọ̀ ju ilé ìdáná lọ: ẹ wo àwọn obìnrin Aṣúrì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé kí a tó bí Jésù, ọmọ bíbí àti oúnjẹ sísè nìkan ni iṣẹ́ obìnrin. Wọ́n á ní ọkùnrin ló ń ná ọjà òkèèrè, ọkùnrin ló mọ owó, ọkùnrin ló ń wádìí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ òrìṣà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú kan wà tí ohùn àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣì wà lákọsílẹ̀ títí di òní, kò sì sí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ wọn tí yóò tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Aṣúrì ni ìlú náà. Etí odò Tígírísì ló wà, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Iráàkì lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1900 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọkùnrin Aṣúrì máa ń kó ọjà lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí Kanẹ́ṣì, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní. Ìrìn nǹkan bí 1,000 kìlómítà ni, ó sì ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọjà méjì ni wọ́n ń kó lọ jù: táńganran, ìyẹn irin funfun rírọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ bàbà láti fi rọ idẹ, àti aṣọ irun àgùntàn. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà jókòó sí Kanẹ́ṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fi ìyàwó wọn sílẹ̀ sí Aṣúrì. Ohun tó mú kí tọkọtaya máa kọ̀wé síra wọn nìyẹn. Orí wàláà amọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì lé ní 20,000 wàláà tí wọ́n ti hú jáde ní Kanẹ́ṣì.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan. Puṣukẹn ni ọkọ, Kanẹ́ṣì ló wà. Lamasi ni ìyàwó, Aṣúrì ló wà. Iṣẹ́ aṣọ ni Lamasi ń ṣe: òun, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn ẹrúbìnrin inú ilé ló ń ya irun àgùntàn, tí wọ́n ń ran án ní òwú, tí wọ́n sì ń hun ún. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ òwú mọ̀ pé ríran ló ń jẹ ọjọ́ ju híhun lọ. Aṣọ náà kì í ṣe pélébé tí a lè ká sí àpò. Nínú ìwé kan, oníṣòwò kan sọ fún obìnrin tó ń hunṣọ fún un pé kí aṣọ gùn ní ìgbọ̀nwọ́ 9, kí ó sì fẹ̀ ní 8. Ìyẹn tó mítà mẹ́rin ààbọ̀ ní gígùn àti mẹ́rin ní fífẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi irun àgùntàn bí ìdajì kìlógíráàmù kún aṣọ kọ̀ọ̀kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kí aṣọ má ṣe nípọn, kí òwú rẹ̀ sì fún mọ́ra. Ẹni tó bá lè ṣe méjèèjì pọ̀, ọ̀gá ni.

Nígbà tí aṣọ bá pé, Lamasi fúnra rẹ̀ ló ń wá ẹni tí yóò bá a gbé e. Nínú ìwé rẹ̀ kan, ó ka aṣọ náà sílẹ̀: Kulumaya ń gbé mẹ́sàn-án bọ̀, Idini-Sini ń gbé mẹ́ta. Ẹlòmíràn kọ̀, kò gba ìkankan. Ìṣòro òwò yìí gan-an nìyẹn, torí bí aláàárù bá kọ̀, ọjà á jókòó sílé di ìgbà tí ọ̀wọ́ mìíràn bá ń lọ. Bí aṣọ bá sì dé Kanẹ́ṣì, nínú ogún, ààfin á mú ọ̀kan bí owó bodè. Síbẹ̀, ó lérè, torí aṣọ máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ń tà á ní Aṣúrì.

Puṣukẹn máa ń ráhùn pé aṣọ kan kò dára tó. Lamasi kò gbà. Ó bi í pé ta lẹni tó ń gbé inú ilé rẹ̀ tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu aṣọ òun, nígbà tó jẹ́ pé òun ń sapá kí èrè ṣékélì fàdákà 10 lè máa wọlé fún un nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà mìíràn tí aṣọ kò lọ, ó ṣàlàyé fún un pé àwọn ará ilé àti àwọn ọmọ ni òun ń hunṣọ fún, pé kó má bínú. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ iye ọwọ́ tó wà nídìí òfì òun nìyẹn.

Owó aṣọ yìí ń padà sọ́dọ̀ obìnrin náà ní fàdákà tí wọ́n dì, tí wọ́n sì fi èdìdì sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ má sì rò pé gbogbo rẹ̀ dùn. Táràmù-Kúbì, ìyàwó Inaya, kọ̀wé pé ọkọ òun kó gbogbo ohun inú ilé lọ, kò fi ọkà bálì kankan sílẹ̀, ìyàn sì mú ní ìlú. Obìnrin Aṣúrì ní òwò lóòótọ́, àmọ́ ọkùnrin ló ń gbé ọjà rìn, ọkùnrin ló sì ń gbé owó bọ̀. Bí wọ́n bá fi í falẹ̀, ebi ni.

Nípa ti òrìṣà ńkọ́? Áháhà, ọmọbìnrin Puṣukẹn àti Lamasi, jẹ́ ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà ìlú náà, tó ń jẹ́ Aṣúrì bíi ti ìlú. Kò sá fún ọ̀rọ̀ owó nítorí ìyẹn: ó wà nínú ọ̀rọ̀ ogún baba wọn pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀. Bákan náà ni Táràmù-Kúbì àti Ṣimati-Aṣúrì kọ̀wé sí oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Imudi-ilu. Wọ́n ní àwọn ti lọ bá àwọn obìnrin atúmọ̀-àlá àti àwọn obìnrin awo, àti pé òrìṣà ń kìlọ̀ fún un: ó fẹ́ràn owó, ó sì kórìíra ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé obìnrin ló lọ wádìí, obìnrin ló dá wọn lóhùn, ọkùnrin ni wọ́n sì fi iṣẹ́ náà rán sí.

Obìnrin tún wà nípò àṣẹ: ayaba kan wà ní ilẹ̀ tí àwọn oníṣòwò yìí ń kó ọjà lọ, Puṣukẹn náà sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn. Wọ́n mú un nítorí ẹrù fàyàwọ́ tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ sí i, ààfin sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ìwé tó sọ ọ́ kìlọ̀ fún àwọn tó kù: ayaba ti ránṣẹ́ sí Luhusadia, sí Hurama, sí Ṣalahṣuwa àti sí ìlú tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fàyàwọ́, wọ́n sì ti yan àwọn aṣọ́nà. Ayaba tó ń ránṣẹ́ sí ìlú mẹ́ta kí wọ́n ṣọ́ ọ̀nà, kì í ṣe ẹni tó kàn jókòó ti ọba.

Níbo ni èrò pé obìnrin kò já mọ́ nǹkan ti wá nígbà náà? Apá kan rẹ̀ ti inú òfin wá. Ní ìlú Aṣúrì yìí kan náà ni wọ́n ti rí wàláà òfin tó gba ọkọ láyè láti na ìyàwó, tó sì pàṣẹ pé kí abilékọ bo orí. Òfin yẹn wà lóòótọ́. Àmọ́ ó lé ní 700 ọdún lẹ́yìn Lamasi kí wọ́n tó kọ wàláà náà. Ẹni tó bá kà á tán tó wá fi ṣe àwòrán gbogbo obìnrin ayé àtijọ́ ti da ìgbà pọ̀ mọ́ ìgbà.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdéhùn ìgbéyàwó kan láti Kanẹ́ṣì, nígbà ayé àwọn oníṣòwò yìí. Lakipu fẹ́ Hatala. Lakipu kò gbọdọ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn ní ilẹ̀ Kanẹ́ṣì. Ní Aṣúrì, ó lè fẹ́ obìnrin kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà. Bí Hatala kò bá bímọ láàárín ọdún méjì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ra ẹrúbìnrin tí yóò bímọ fún ọkọ, ìyẹn sì fi hàn pé obìnrin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò ní ẹnu nínú àdéhùn kankan. Bí Lakipu bá kọ Hatala, yóò san mínà fàdákà 5, èyí tó tó kìlógíráàmù méjì ààbọ̀. Bí Hatala bá kọ Lakipu, mínà fàdákà 5 kan náà ni yóò san.